Lẹ́tà Ọ̀gá Ilé Ìwé Lórí Wákàtí Ìwé Kíkà

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà, lẹ́tà a máa pọ̀ nínú yàrá àwọn tíṣà. Èyí tó ní kí gbogbo ilé ìwé máa fi wákàtí kan kàwé lójoojúmọ́ kì í ṣòro kọ, ìlà mẹ́ta ti tó o. Ọ̀gá á ní ìwé kíkà àwọn ọmọ ń lọ sílẹ̀, á ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ kí oníkálukú mú ìwé dání, á fọwọ́ sí i, ó parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì kọjá ní wákàtí yẹn á bá tíṣà níbi tó ti ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn ọmọ tó jókòó síwájú á máa kàwé, àwọn tó wà lẹ́yìn á kàn máa ṣí ojú ìwé kiri.

Kò sẹ́ni tó ta ko ọ̀gá níbẹ̀. Lẹ́tà náà ni kò sọ ohun tí oníkálukú máa ṣe.

Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n ti fi ojú rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ká pàṣẹ ìwé kíkà àti ká ṣètò rẹ̀. Àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú Mumbai, rí i pé ọmọ tó ti dé kíláàsì kẹta tàbí ìkarùn-ún lè máà tíì lè ka gbólóhùn kan já geere, bẹ́ẹ̀ ìwé kíláàsì karùn-ún ni tíṣà ń fi kọ́ ọ. Wọ́n wá dá ọgbọ́n kan: kí wọ́n kó àwọn ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìwé kíkà wọn dé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí kíláàsì wọn. Ní ìpínlẹ̀ Bihar, wọ́n dá àwọn tíṣà ìjọba lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọgbọ́n yìí, wọ́n sì fún wọn ní ohun èlò. Nígbà tí àwọn olùwádìí wọn àbájáde rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún tíṣà wọn nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà. Àwọn tíṣà ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n táìmù-tébù tí wọ́n ń tẹ̀ lé kò yí padà, sílábọ́ọ̀sì tí wọ́n gbọ́dọ̀ parí sì wà lọ́rùn wọn.

Haryana yàtọ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2012 sí 2013, wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́, wọ́n tú kíláàsì kẹta sí ìkarùn-ún ká, wọ́n sì tò wọ́n sí ẹgbẹ́ tuntun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bẹ ilé ìwé wò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ àwọn ọmọ lọ́nà yìí kí wọ́n tó máa tọ́ tíṣà sọ́nà. Ìwé kíkà èdè Híńdì gòkè. Ìṣirò kò gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó sì yẹ kí ọ̀gá tó ń ronú wákàtí bẹ́ẹ̀ mọ èyí, kó má baà ṣèlérí ohun tí wákàtí ìwé kíkà kò lè ṣe. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí àwọn àti Michael Kremer jọ gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí náà.

Ká wá fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọ 240 ló wà níbẹ̀, ogójì ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, tíṣà mẹ́sàn-án, ọ̀gá obìnrin kan ló sì ń darí wọn. Lẹ́tà tó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù lórí ìwé kíkà, nítorí kò sí tíṣà tí kò gbà pé ó dára. Ó lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sáà yìí, agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá òwúrọ̀ di wákàtí ìwé kíkà fún gbogbo wa. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a máa gbọ́ ìwé kíkà ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Àyẹ̀wò tí Pratham ń lò kò gba ju bébà kan lọ: lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kéékèèké, ìpínrọ̀ onígbólóhùn mẹ́rin, àti ìtàn kúkúrú. Ìpínrọ̀ ni tíṣà á kọ́kọ́ fún ọmọ. Bó bá kà á bí ẹni ń sọ̀rọ̀, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, á bọ́ sórí ìtàn. Bó bá ń tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka òkúta, á padà sórí ọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí mẹ́rin kà nínú márùn-ún. Bí kò bá rí i kà, lẹ́tà ló kàn, mẹ́rin nínú márùn-ún náà ni. Ibi tó bá ti lè dúró dáadáa ni wọ́n á kọ sílẹ̀ fún un. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ló ń gbà. Kíláàsì kẹta sí ìkẹfà nílé ìwé àpẹẹrẹ wa jẹ́ ọmọ 160. Bí tíṣà méje bá pín wọn, ọmọ mẹ́tàlélógún ló máa kan ẹnì kan, èyí tí kò ju wákàtí méjì lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ méjì ti parí rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí àyẹ̀wò fi ń tan tíṣà jẹ ni àkọ́sórí. Ọmọ tó ti gbọ́ ìwé kan lẹ́nu ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà ogún lè ké e láìwo ojú ìwé. Nítorí náà, bébà tí ọmọ kankan kò rí rí ni kí wọ́n lò, kí tíṣà sì fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tó ń kà á tòótọ́ kò ní rú u lójú. Ẹni tó kọ́ ọ sórí á dákẹ́, á wo ojú tíṣà.

Ká ní àbájáde rẹ̀ wá rí báyìí: ọgọ́ta ọmọ kò tíì kọjá lẹ́tà, ogójì lè ka ọ̀rọ̀, ọgọ́ta yòókù lè ka ìpínrọ̀ tàbí ìtàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa fẹ́ kó tíṣà tó dáńtọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀wé jù, nítorí àwọn ni yóò gbé orúkọ ilé ìwé ga nínú ìdánwò. Àṣìṣe nìyẹn. Ọmọ tó ti lè ka ìtàn á tẹ̀ síwájú bí ìwé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọgbọ̀n wọn lè wà lábẹ́ tíṣà kan. Ẹni tí kò mọ “ẹ” yàtọ̀ sí “e”, tàbí tí “gb” ń dojú rú fún, nílò ẹni tó sún mọ́ ọn. Nítorí náà lẹ́tà á fún ẹgbẹ́ lẹ́tà ní tíṣà mẹ́ta, ogún ọmọ sábẹ́ ẹnì kan. Ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ á ní méjì. Ẹgbẹ́ ìtàn á ní méjì. Kíláàsì kìíní àti ìkejì á dúró sọ́dọ̀ tíṣà tiwọn. Ìyẹn pé mẹ́sàn-án. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa wọ yàrá tíṣà tí kò bá wá síṣẹ́, ó sì yẹ kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ló máa ṣe é, nítorí ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kan kò bá ní tíṣà ni ariwo ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ọmọ kíláàsì kẹfà tó gùn ju tíṣà lọ kò ní fẹ́ jókòó ti ọmọ kíláàsì kẹta láti ka “b” àti “d”. Orúkọ igi ni kí wọ́n fún ẹgbẹ́, ìrókò, àràbà, odán, kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n ní ẹgbẹ́ olódo. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ lẹ́tà á sì wà pọ̀ lọ́dọ̀ tíṣà kan nínú àwọn mẹ́ta náà.

Wàyí o, ibo ni wákàtí náà ti máa wá? Wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ jẹ́ ìgbà ẹ̀kọ́ mẹ́wàá bí ìgbà kan bá jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́tà tí kò bá sì dárúkọ ẹni tó fi tirẹ̀ sílẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ǹda mẹ́rin, Yorùbá méjì, ìgbà tí wọ́n ń pè ní ti ilé ìkàwé yọ̀ǹda ọ̀kan. Ìpéjọ òwúrọ̀ dínkù láti ogójì ìṣẹ́jú sí ogún, ìyẹn sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, èyí tó ju ìgbà mẹ́ta lọ. Ìṣirò kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n mú dípò mẹ́jọ ààbọ̀ nítorí àwọn tó ń pẹ́ dé, torí àwọn gan-an ló sábà máa ń wà nínú ẹgbẹ́ lẹ́tà.

Nínú wákàtí náà, ìṣẹ́jú márùn-ún wà fún lílọ sí yàrá ẹgbẹ́. Tíṣà á ka ìtàn sétígbọ̀ọ́ wọn fún mẹ́wàá. Ogún wà fún iṣẹ́ àjọṣe lórí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tàbí ìpínrọ̀, ogún mìíràn fún kí ọmọ kà fúnra rẹ̀ tàbí ní méjì-méjì nígbà tí tíṣà ń gbọ́ ọmọ mẹ́rin lọ́jọ́ kan. Márùn-ún tó kù, tíṣà á kọ orúkọ àwọn tó gbọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀gá má ṣe dúró ti aago lórí èyí. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé irú wákàtí bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1998, tí wọ́n pín sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún àti mẹ́wàá. Àwọn tíṣà ráhùn pé ó ká àwọn lọ́wọ́ kò, nígbà tó sì di 2003, ìjọba tú okùn náà díẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni pé kí tíṣà máa gbọ́ ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìjọba kan tó yẹ ìwádìí lórí ìwé kíkà wò jábọ̀ ní 2000 pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó tó pé kí ọmọ kàn máa kàwé ní ìdákẹ́jẹ́ láìsí ìtọ́sọ́nà ń mú kó mọ̀ ọ́n kà sí i.

Ní ti èdè, ẹgbẹ́ lẹ́tà àti ẹgbẹ́ ọ̀rọ̀ á fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìtàn á máa pààrọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Òbí kan lè fapá jánú. Kí tíṣà rán an létí iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì bà jẹ́. Bí ìwé kò bá tó, ìwé ìròyìn Aláròyé tó ti pẹ́ nílẹ̀ àti ìwé ẹ̀kọ́ tó ti fàya wúlò fún ẹgbẹ́ ìtàn. Ẹgbẹ́ lẹ́tà kò nílò ju káádì tí wọ́n gé lára páálí lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ fẹ́ kọ irú lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ déètì àyẹ̀wò kejì sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì kọ pé ẹ kò ní pe tíṣà kankan sí ọ́fíìsì láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò náà, ẹ ka iye ọmọ tó wà nínú ẹgbẹ́ lẹ́tà. Bó bá ṣì jẹ́ ọgọ́ta, ẹ lọ jókòó nínú yàrá wọn fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó dá tíṣà lẹ́bi.