Ìdákú apá ọkọ̀ òfuurufú

Ìdákú apá ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá ọkọ̀ òfuurufú bá dojú kọ afẹ́fẹ́ ní igun tó ga jù, débi pé afẹ́fẹ́ kò lè tẹ̀lé ẹ̀yìn apá náà mọ́. Ṣáájú àkókò yìí, bí igun náà bá ṣe ń ga sí i ni agbára tó ń gbé ọkọ̀ sókè ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, agbára náà á já wálẹ̀, agbára tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn á sì pọ̀ gidigidi. Ìdákú apá yàtọ̀ sí kíkú ẹ́ńjìnnì: ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́ geerege kí apá sì dákú.

## Igun ìdojúkọ

Bí a bá fa ìlà tààrà kan láti etí iwájú apá dé etí ẹ̀yìn rẹ̀, igun tó wà láàárín ìlà yìí àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà bọ̀ ni igun ìdojúkọ. Kì í ṣe igun tó wà láàárín imú ọkọ̀ àti ilẹ̀. Ọkọ̀ tí imú rẹ̀ dúró gbọọrọ ṣùgbọ́n tó ń já bọ̀ ń gba afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀, nítorí náà igun ìdojúkọ rẹ̀ lè ga púpọ̀.

## Ìdí tí agbára ìgbésókè fi ń pọ̀ sí i

Apá ń gbé ọkọ̀ sókè nípa yíyí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà sí ìsàlẹ̀. Bí apá ti ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń ti apá sókè. Apá méjèèjì, òkè àti abẹ́, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù wá láti òkè. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń tẹ̀lé ẹ̀yìn apá tó tẹ̀ kọ́rọ́, ó máa ń yára sí i, ìfúnpá rẹ̀ lórí apá á sì dín kù sí ti abẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ òkè ń yára kí ó lè bá ti abẹ́ pàdé ní etí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀: ti òkè máa ń ṣáájú dé.

Bí igun ìdojúkọ bá ga sí i, apá á yí afẹ́fẹ́ padà jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìfúnpá òkè á sì tún lọ sílẹ̀. A ń ṣírò agbára náà báyìí:

L = ½ρV²SC_L

L ni agbára ìgbésókè, ρ ni bí afẹ́fẹ́ ṣe kì tó, V ni eré, S ni ìtóbi ojú apá. C_L ni nọ́ńbà tó ń sọ iṣẹ́ tí igun ìdojúkọ àti ìrísí apá ń ṣe. Fún apá tó ní ìrísí NACA 2412, èyí tí ọkọ̀ kékeré Cessna 172 ń lò, C_L jẹ́ òdo ní nǹkan bíi dígíríì 2 sísàlẹ̀. Láti ibẹ̀, ó ń fi nǹkan bíi 0.1 pọ̀ sí i fún dígíríì kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bíi dígíríì 15 sí 16, ó dé góńgó rẹ̀, ìyẹn bíi 1.6.

## Ìdí tí ó fi ń já

Ìfúnpá tó kéré jù lórí apá wà nítòsí etí iwájú. Láti ibẹ̀ lọ sí etí ẹ̀yìn, ìfúnpá gbọ́dọ̀ padà sí bí ti afẹ́fẹ́ àyíká ṣe rí. Èyí túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ń rìn láti ibi tí ìfúnpá ti kéré lọ sí ibi tó ti pọ̀. Ó dà bí ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan, tó sì fẹ́ gun òkè kejì láìwa pẹ́dálì. Eré tó kó jọ nìkan ló lè gbé e gòkè.

Afẹ́fẹ́ tó jìnnà sí ara apá ní eré tó tó. Ṣùgbọ́n èyí tó lẹ̀ mọ́ ara apá ti pàdánù púpọ̀ nínú eré tirẹ̀, nítorí pé ara apá ń fà á sẹ́yìn. Bí igun ìdojúkọ bá kéré, òkè kejì kò ga, afẹ́fẹ́ yìí á sì lè gùn ún. Bí igun náà bá ga, ìfúnpá iwájú á lọ sílẹ̀ gan-an, òkè náà á sì di gàgà. Afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ apá á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn, á sì gbé èyí tó wà lókè rẹ̀ kúrò lára apá. Àyè tó ṣẹ́ kù á kún fún afẹ́fẹ́ tó ń yí rúdurùdu. Níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ kò ti tẹ̀lé apá mọ́, kò yí sísàlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìfúnpá kékeré iwájú á sì pòórá.

Lára apá tí etí iwájú rẹ̀ nípọn, ìyapa yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń wá síwájú díẹ̀díẹ̀. Lára apá tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè ṣẹlẹ̀ lójijì láti iwájú.

## Eré àti ìdákú

Ẹ jẹ́ kí a wo Cessna 172 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 1,111, tí ojú apá rẹ̀ sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 16.2. Bí ó bá ń fò gbọọrọ nítòsí ilẹ̀ ní nọ́ọ̀tì 100, C_L tó nílò jẹ́ bíi 0.4, igun ìdojúkọ sì jẹ́ bíi dígíríì 2. Ní nọ́ọ̀tì 60, ó nílò bíi 1.15, èyí tó mú igun náà dé bíi dígíríì 9. Ní nọ́ọ̀tì 51, ó nílò 1.6. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù mọ́. Bí awakọ̀ bá tún gbé imú ọkọ̀ sókè nítorí pé ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, apá á dákú.

Síbẹ̀, igun ló ń fa ìdákú, kì í ṣe eré. Bí ọkọ̀ yìí kan náà bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní dígíríì 60 láti yí po láìsọ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀. Nígbà náà, á dákú ní nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 72.

## Ìjàǹbá Èkó ní ọdún 2013

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ Embraer EMB 120 ti ilé-iṣẹ́ Associated Aviation gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ó ń lọ sí Àkúrẹ́. Ó gbé òkú Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó kúrò nílẹ̀ tó fi já, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Àjọ tó ń ṣe ìwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà ka ìdákú apá nítòsí ilẹ̀ mọ́ àwọn ohun tó fa ìjàǹbá náà. Ẹ̀rọ tó ń darí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kejì ti ní àbùkù, agbára tó ń ti ọkọ̀ síwájú kò sì tó. Àjọ náà tún sọ pé àwọn awakọ̀ kò dá ìgbéra náà dúró bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rí àmì àìṣedéédéé. Eré kéré, nítorí náà apá nílò igun gíga kí ó tó lè gbé ọkọ̀ náà dúró.

## Àmì àti àtúnṣe

Nínú Cessna 172, fèrè kan máa ń dún ní nọ́ọ̀tì bíi 5 sí 10 kí apá tó dákú. Nínú àwọn ọkọ̀ bíi Embraer tí a mẹ́nu bà, ọ̀pá ìdarí fúnra rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Ara ọkọ̀ náà lè máa gbọ̀n, nítorí afẹ́fẹ́ rúdurùdu tó ń lu ìrù rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí awakọ̀ kọ́kọ́ rẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀ kí igun ìdojúkọ lè dín kù, kí afẹ́fẹ́ sì tún lẹ̀ mọ́ apá. Lẹ́yìn náà ni yóò fi agbára ẹ́ńjìnnì kún un. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ máa ń pàdánù gíga kí àtúnṣe yìí tó parí. Ìdí nìyí tí ìdákú lókè réré fi jẹ́ ohun tí a ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀, tí èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbéra sì fi léwu púpọ̀.