Ohun tó yẹ kó wà lábẹ́ orúkọ ìwé: àwọn tó kọ̀wé lórí ewì Okigbo

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí akéwì kan ṣoṣo, àtòjọ ìwé tó ní àlàyé ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ ṣe. Yóò kọ orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé náà, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ọdún, yóò sì wá kọ ìpínrọ̀ kékeré kan sábẹ́ rẹ̀. Ìpínrọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń rí kò sọ ju pé ìwé náà jinlẹ̀, pé ó sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa akéwì náà. Ẹni tó kà á tán kò mọ̀ bóyá kó wá ìwé ọ̀hún lọ tàbí kó fi í sílẹ̀.

Christopher Okigbo ni n ó fi ṣàlàyé, nítorí pé tirẹ̀ ló ń tètè fi àìkíyèsí akẹ́kọ̀ọ́ hàn. Ọmọ Ojoto nílẹ̀ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ewì rẹ̀ ti gbilẹ̀. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ló lọ, ó ṣe tíṣà ní Fìdítì, ó tún ṣe aṣojú ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ Mbari tó wà ní Ìbàdàn náà ló tẹ Heavensgate jáde fún un ní 1962. Ogun abẹ́lé pa á ní 1967 nítòsí Nsukka, níbi tó ti ń jà fún Biafra.

Okigbo kì í fi ewì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́. Lẹ́yìn tó ti tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò tún padà síbẹ̀, yóò yọ ìlà kan, yóò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan, yóò gbé apá kan kúrò níbi tó wà. Nígbà tó fi máa to àwọn ewì náà jọ fún ìwé tí a mọ̀ sí Labyrinths, ó ti sọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ pé èyí tó wà níbẹ̀ ni kí a gbà gẹ́gẹ́ bí àbájáde ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ọdún 1971 ni Heinemann tó tẹ Labyrinths jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, Okigbo sì ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀. Paul Theroux kọ àròkọ lórí Okigbo sínú ìwé ìròyìn Transition ní 1965. Kò sí bó ṣe lè lo Labyrinths, torí ìwé náà kò tíì jáde. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tó ní Labyrinths nìkan lọ́wọ́ ka irú àròkọ bẹ́ẹ̀, ó rí i pé ìlà tí òǹkọ̀wé fà yọ kò bá ti inú ìwé tirẹ̀ mu, ló bá kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀ pé òǹkọ̀wé náà ṣi ewì kọ. Ó ti purọ́ mọ́ aláìṣẹ̀ nìyẹn. Bí ìlà bá yàtọ̀, ọdún tí wọ́n kọ àròkọ náà ni kí a kọ́kọ́ wò. Bó bá ti ṣáájú 1971, kí a wá Heavensgate ti 1962 tàbí Limits tí Mbari tẹ̀ ní 1964, kí a fi wé e kí a tó sọ ohunkóhun. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó ti inú ìyẹn jáde sínú àlàyé: pé ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni òǹkọ̀wé yìí lò, àti pé ohun tó sọ nípa ìtò ewì náà lè má bá Labyrinths mu. Gbólóhùn yẹn wúlò ju ìyìn ojú ìwé kan lọ.

Ọdún tó wà lára ìwé pàápàá lè tan ni jẹ. Àkójọ àròkọ tí Donatus Nwoga ṣe lórí Okigbo jáde ní 1984, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àròkọ inú rẹ̀ ti jáde níbòmíràn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kọ 1984 sára gbogbo wọn ti sọ èrò àtijọ́ di tuntun. Àròkọ kọ̀ọ̀kan ni kó ní àlàyé tirẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó kọ́kọ́ jáde.

N ó ṣe ọ̀kan tán báyìí kí ẹ lè rí i. Ìwé tí Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike jọ kọ ni, Toward the Decolonization of African Literature, tí Fourth Dimension tẹ̀ ní Enugu ní 1980. Àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ ni pé àwọn òǹkọ̀wé yìí kò fẹ́ràn Okigbo. Irọ́ ni, ó kéré tán ìdajì rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Tèmi á lọ báyìí:

"Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta yìí bá ewì ìbẹ̀rẹ̀ Okigbo wí pé ó ṣòroó yé, pé ó sì ya ọ̀nà ìkéwì àwọn òyìnbó lò ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n yin Path of Thunder, ewì tó kọ gbẹ̀yìn, nítorí pé ó sún mọ́ ọ̀nà ìkéwì ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ewì ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ni ìwé náà ń bá jà, nítorí náà ọ̀kan lára ẹ̀rí wọn ni Okigbo jẹ́, kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kí a kà á pẹ̀lú èsì tí Wole Soyinka fọ̀ sí wọn nínú Transition ní 1975, lẹ́yìn tí èrò yìí ti kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí àròkọ. Ó dára fún ẹni tó ń wá àríyànjiyàn tí ewì Okigbo dá sílẹ̀. Kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń ka ewì náà ní ìlà dé ìlà."

Ẹni tó kà á ti mọ ohun tí ìwé náà sọ, ibi tí àwọn òǹkọ̀wé dúró sí, ẹni tó bá wọn jiyàn, àti ohun tí kò gbọdọ̀ lọ wá níbẹ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ni àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù.

Ìwé kan wà tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣìnà: The Trial of Christopher Okigbo, ti Ali Mazrui, tó jáde ní 1971. Àkọlé rẹ̀ dún bí ìtàn ìgbésí ayé, àbí bí ìwádìí. Ìtàn àròsọ ni. Mazrui gbé Okigbo lọ sí ọ̀run, ó ní kí wọ́n bá a ṣẹjọ́ pé ó fi iṣẹ́ akéwì sílẹ̀ lọ kú sójú ogun nítorí àwọn èèyàn rẹ̀. Ìwé náà ní àyè nínú àtòjọ, torí ó fi hàn bí ikú Okigbo ṣe dun àwọn ọ̀mọ̀wé Áfíríkà tó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú àlàyé rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé ìtàn àròsọ ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnìkan yóò mú ọ̀rọ̀ tí Mazrui fi sí àwọn ará ọ̀run lẹ́nu, yóò fi ṣe ẹ̀rí.

Ìtàn ìgbésí ayé gidi ni ti Obi Nwakanma, tí James Currey tẹ̀ ní 2010. Nwakanma lọ bá àwọn mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ Okigbo sọ̀rọ̀, àwọn tí ọjọ́ ogbó ti ń dé bá, kí ìrántí wọn tó lọ. Ohun kan wà lójú ìwé náà tí alálàyé kò gbọdọ̀ fò dá: 1930 ló kọ pé wọ́n bí Okigbo, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìwé mìíràn kọ 1932. Kì í ṣe iṣẹ́ alálàyé láti parí ìjà yẹn. Kó ṣáà sọ pé ọdún méjèèjì ń lọ káàkiri, àti èyí tí ìwé kọ̀ọ̀kan mú, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà dà wọ́n pọ̀ nínú iṣẹ́ kan náà.

Fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, n ó fi Collected Poems ti 1986 kún un, tí Adewale Maja-Pearce kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí. Ní 1965, Okigbo kọ ewì kan, Lament of the Masks, láti fi ṣe àyẹ́sí W. B. Yeats ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Oríkì Yorùbá ló fi ṣe àwòṣe rẹ̀. Ewì yẹn kò sí nínú Labyrinths. Ẹni tó bá ń wádìí ohun tí Okigbo rí kọ́ lẹ́nu àwọn akígbe wa, tó sì fi Labyrinths nìkan ṣe gbogbo ìwé rẹ̀, yóò wá a títí kò ní rí i. Nítorí náà, lábẹ́ Labyrinths nínú àtòjọ náà, kí wọ́n kọ ohun tí kò sí níbẹ̀, kí wọ́n sì júwe Collected Poems fún ẹni tó bá ń wá a.