Àmì Tó Ń Hàn Kí Oníbàárà Tó Fòpin sí Àsansílẹ̀

Oníbàárà tó ń san owó oṣooṣù lórí sọ́fítíwià kì í sábà jáwọ́ lójijì. Kó tó lọ, ìyípadà ti máa ń wà nínú àkọsílẹ̀ mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tà á: bó ṣe ń wọlé, ohun tó ń fi sọ́fítíwià náà ṣe, àti owó tí káàdì rẹ̀ kọ̀ láti san. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè ṣini lọ́nà. Ìgbà tí a bá kà wọ́n pọ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń yé.

Nínú àkọsílẹ̀ ìwọlé, iye ọjọ́ tí ènìyàn wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ ló wúlò, kì í ṣe iye ìgbà tó wọlé. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ láìrí iṣẹ́ kankan ṣe. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ni a sì ń fi wé ara rẹ̀ látẹ̀yìnwá. Akọ̀wé owó tó ń wọlé ní ìparí oṣù nìkan kò fi àmì ewu kankan hàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wọlé lójoojúmọ́ tó wá di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn ni láti wá ìpíndọ́gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí a sì fi ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn wé e.

Àkọsílẹ̀ ìlò ló ń sọ ohun tí ènìyàn ṣe lẹ́yìn tó wọlé. Iṣẹ́ gan-an tí wọ́n torí rẹ̀ ra sọ́fítíwià náà ni kí wọ́n máa kà. Ká ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kan ń fi sọ́fítíwià ṣe àkọsílẹ̀ ọjà tó ń tà: òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń lò ó, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọjà 240 sílẹ̀. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ méjì kò wọlé mọ́. Ọ̀gá ṣì ń wọlé lójoojúmọ́ láti wo àkọsílẹ̀ àtijọ́, nítorí náà ọjọ́ ìwọlé ṣì jẹ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ń kọ ti já sí 90. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan da gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà náà kọ sínú fáìlì kan. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá wáyé lẹ́yìn tí ìlò ti rẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa kó ẹrù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní ìparí ọdún, ẹ̀wẹ̀, ó lè jẹ́ ìṣirò owó lásán ni.

Lóṣù yẹn náà ni káàdì ṣọ́ọ̀bù náà kọ̀. Báńkì máa ń fi kóòdù sọ ìdí rẹ̀. `expired_card` ń sọ pé ọjọ́ káàdì ti kọjá: asán ni gbígbìyànjú káàdì kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i, oníbàárà ni kó fi tuntun sílẹ̀. `insufficient_funds` ń sọ pé owó kò tó, wọ́n sì lè tún un gbìyànjú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lásìkò owó oṣù. `do_not_honor` ni ti báńkì tó kọ̀ láìsọ ìdí. Oníbàárà ló lè bá báńkì rẹ̀ sọ ọ́, tàbí kó lo káàdì mìíràn. Bí ìlò kò bá yí padà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tí káàdì rẹ̀ kọ̀ má fẹ́ lọ. Létà kan tó ń rán an létí sábà máa ń tó. Ti ṣọ́ọ̀bù oògùn yìí yàtọ̀. Bí owó náà tilẹ̀ kọjá lẹ́yìn náà, ìdí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi pa iṣẹ́ tì kò tíì yanjú, ìyẹn ló sì yẹ kí wọ́n pe ọ̀gá láti béèrè.

Kí wọ́n tó gbẹ́kẹ̀ lé àmì kankan, wọ́n ní láti fi ìtàn àtẹ̀yìnwá dán an wò. Wọ́n á yan ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n á lo kìkì ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ títí di ọjọ́ náà, wọ́n á sì wo àwọn tó lọ láàárín 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Bí oníbàárà bá jẹ́ 1,000, tí 40 sì lọ, tí àmì náà tọ́ka sí 50, tí 20 nínú wọn lọ lóòótọ́, a jẹ́ pé ó rí ìdajì àwọn tó lọ, ó sì pe 30 tí kò ní í lọ. Ẹni tó bá fi àkọsílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà kún un yóò rí èsì tó dára jù, tí kò sì ní í rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Àkókò tún lè tan ènìyàn jẹ. Ìlò ilé ẹ̀kọ́ máa ń lọ sílẹ̀ nígbà ìsinmi, nítorí náà àkókò kan náà lọ́dún tó kọjá ni kí wọ́n fi í wé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn wà tí kì í fi àmì kankan hàn: ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lè lo sọ́fítíwià náà dáadáa títí di ọjọ́ tó kẹ́yìn.