‘A Ti Gbọ́’ Kì í Ṣe ‘A Gbà’: Kíkó Ọ̀rọ̀ Ìpàdé Àdúgbò Jọ

Ìpàdé àdúgbò tí wọ́n gbà sórí fóònù máa ń ṣòro gbọ́. Níbi ìpàdé, ojú ni èèyàn fi ń mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá wí. Lórí fóònù, ohùn nìkan ló kù, ohùn mẹ́ta sì lè gba ẹnu ara wọn. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ kó o jọ fi ń gbọ́ ọ délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó mú bírò.

Ká ní àwọn onílé àdúgbò kan n'Ìbàdàn ń jà lórí omi. Pọ́ńpù kànga dẹ̀rọ àdúgbò ti jó. Ilé 52 ló wà níbẹ̀. Ogún ilé tó wà lókè ní kànga tiwọn, wọn ò sì fẹ́ dá owó. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, tí ọmọ wọn ń pọnmi kí wọ́n tó lọ síléèwé, ní kí gbogbo ilé dá a.

Ní ìṣẹ́jú 31, obìnrin kan figbe ta: “Wọ́n ti gbowó yẹn lọ́wọ́ wa lọ́dún tó kọjá!” Ta ni “wọ́n”? Èdè Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ọ̀pọ̀ èèyàn àti àgbà kan ṣoṣo tí à ń bọ̀wọ̀ fún. Ó lè jẹ́ alága, ó sì lè jẹ́ ìgbìmọ̀ lápapọ̀. Bí akọ̀wé bá sáré kọ ọ́ pé “alága gbowó”, ó ti kọ ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni ò fi kan alága sílẹ̀. Ó ní láti padà sẹ́yìn díẹ̀, kó wo ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kó sì gbọ́ ẹni tó dáhùn. Bí kò bá ṣì yé e, kó kọ “wọ́n” bó ṣe gbọ́ ọ, kó sì fi ìṣẹ́jú rẹ̀ sí i.

Owó pẹ̀lú ń yí lẹ́nu. Ẹnì kan pè é ní 180,000 náírà, oníṣẹ́ ní 260,000. Èèyàn lè rò pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́, àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ á rí i pé pọ́ńpù nìkan ni ti àkọ́kọ́. Oníṣẹ́ ti ka páìpù àti owó iṣẹ́ mọ́ tirẹ̀. Iye méjèèjì ló yẹ kó wọ ìwé, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

Bàbá kan wá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí akọ̀wé má fo òwe náà, kó má sì fi í sílẹ̀ láìtú: bàbá ń sọ fún àwọn àgbà tó dákẹ́ pé kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Níparí, alága ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú 5,000 náírà wá. Ariwo sọ: “A ti gbọ́ o!” Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí. Gbígbọ́ kọ́ ni gbígbà. Kò sẹ́ni tó kín alága lẹ́yìn, wọn ò sì ka ọwọ́. Bí ogún ilé òkè kò bá san, 160,000 náírà péré ló máa wọlé, kò sì ní ra pọ́ńpù lásán. Ohun tó yẹ kí akọ̀wé kọ ni pé alága dábàá 5,000 náírà fún ilé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà níbẹ̀ ní àwọn ti gbọ́, ìpàdé kò sì tíì fọwọ́ sí i.