Ọjọ́ Ìparí Tí Òfin Ti Pa Rẹ́

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń rá lọ, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì àti ilé ìwé ní Ìlú Ọba kì í balẹ̀. Wọ́n ń retí lẹ́tà tí yóò sọ bóyá wọ́n tún kọ́ńtíráàtì wọn ṣe fún ọdún kan sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan ń retí lẹ́tà yìí nígbà tó jẹ́ pé òfin ti sọ iṣẹ́ náà di pámánẹ́ǹtì fún wọn, tí wọn kò sì mọ̀.

Ọdún 2002 ni òfin tó dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ onígbèdéke bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Íńgíláǹdì, Wéèsì àti Skọ́tíláǹdì. Ìlà kẹjọ rẹ̀ ló kàn wá. Bí èèyàn bá ti ṣiṣẹ́ fún agbanisíṣẹ́ kan náà fún ọdún mẹ́rin láìjá, tí wọ́n sì ti tún àdéhùn rẹ̀ ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ ìparí tó wà nínú ìwé náà kò lágbára mọ́, àfi bí agbanisíṣẹ́ bá ní ìdí gidi. Kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ sí ìwé tuntun.

Ká mú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù yunifásítì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 lórí àdéhùn ọdún méjì. Nígbà tí ìyẹn pé, wọ́n fún un ní ọdún mẹ́ta sí i, tí yóò parí ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọdún mẹ́rin rẹ̀ pé, ọjọ́ ìparí náà sì kú. Ká ní àdéhùn ọdún márùn-ún kan ṣoṣo ló fọwọ́ sí lọ́dún 2020 ni, kò ní rí ẹ̀tọ́ yìí, torí wọn kò tíì tún un ṣe fún un rí.

Àwọn mìíràn a máa rò pé ìsinmi tó wà láàárín kọ́ńtíráàtì kan àti èkejì ti já ọdún wọn. Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ kan péré láìsí àdéhùn lè já a. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà dá ẹjọ́ olùkọ́ kan tó ti ní àdéhùn mẹ́jọ tẹ̀léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tó sì ń parí ní oṣù Keje. Wọ́n ní iṣẹ́ kàn dáwọ́ dúró fúngbà díẹ̀ lásìkò ìsinmi ni, nítorí náà ọdún rẹ̀ kò já.

Ibi tí ìjà máa ń le sí ni ìdí tí agbanisíṣẹ́ bá mú wá. Ohun tí ilé ẹjọ́ yóò yẹ̀ wò ni bí ọ̀ràn ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n tún àdéhùn náà ṣe kẹ́yìn. Èyí tí a máa ń gbọ́ jù ní yunifásítì ni pé owó ìwádìí ń bọ̀ láti ìta, ó sì lè tán. Ní 2008, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan ní Skọ́tíláǹdì gbọ́ irú àwáwí yìí nínú ẹjọ́ olùṣèwádìí kan ní Yunifásítì Ábádíìnì, wọ́n sì ní ìyẹn nìkan kò tó. Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò de ilé ẹjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá ń di ipò ẹni tó lọ fún ìsinmi ìbímọ mú, ìyẹn lè jẹ́ ìdí tó dúró.

Ẹ̀tọ́ yìí kò kan ẹni tí ẹ́jẹ́ńsì rán lọ síbi iṣẹ́. Kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú físà: pámánẹ́ǹtì níbi iṣẹ́ kọ́ ni ìwé ìgbélùú. Wọ́n ṣì lè dá ẹni tó di pámánẹ́ǹtì dúró bí iṣẹ́ bá tán, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé fún òṣìṣẹ́ pámánẹ́ǹtì yòókù.

Báwo wá ni a ṣe ń béèrè rẹ̀? Lẹ́tà ni. Kọ ọ́ sí agbanisíṣẹ́ rẹ pé kí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé o ti di òṣìṣẹ́ tí kò ní gbèdéke, tàbí kí ó kọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 21 ló ní láti fèsì. Bí kò bá fèsì, tàbí tó bá kọ̀, o lè gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kí wọ́n kéde ipò rẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù: ilé ẹjọ́ kò ní gba ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ ẹni tí kò kọ lẹ́tà yìí tẹ́lẹ̀, kò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n ti ní kó máa lọ lè pẹjọ́ pé wọ́n lé òun láìtọ́, àmọ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀ nìyẹn, ó sì nira jù ú lọ.

Nítorí náà, kò yẹ kí obìnrin láàbù wa dúró de lẹ́tà oṣù Kẹsàn-án. Bó bá kọ tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ọjọ́ 21 náà yóò pé kí oṣù ọ̀hún tó parí, yóò sì ku oṣù kan gbáko tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, tó lè fi gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.