Ẹ Má Tíì Kun Ògiri Náà Lọ́dà

Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú mọ̀ pé nígbà tí òjò bá ń parí lọ, tí wọ́n bá tú omi tí wọ́n sé sí Ọ̀yán sílẹ̀, Odò Ògùn lè wọlé bá wọn. Ìyá aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí omi wọ ṣọ́ọ̀bù wọn dé orúnkún. Nígbà tó fà, wọ́n fọ ilẹ̀, wọ́n sì tètè pe akunlé, kí àwọn oníbàárà má baà rí ìdọ̀tí. Kò pẹ́ tí ọ̀dà tuntun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí nǹkan dúdú tó-tò-tó sì yọ lẹ́yìn wọ́dúróòbù, lókè ibi tí omi dé gan-an. Ìyá ní ọ̀dà ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

Ọ̀dà kọ́ ló fà á, omi ni. Búlọ́ọ̀kù máa ń fa omi sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, ìdí nìyẹn tí ibi tó tutù fi ga ju ojú àmì omi lọ. Ojú ògiri ti gbẹ, inú rẹ̀ ò tíì gbẹ, ọ̀dà sì wá sé omi náà mọ́bẹ̀. Nǹkan dúdú yẹn ni èéhù, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Èso rẹ̀, tí ojú lásán ò lè rí, wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Bó bá ti bọ́ sórí pákó, bébà, aṣọ tàbí eruku tó tutù, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Kì í ṣe gbogbo àbàwọ́n ara ògiri ni èéhù. Bó bá jẹ́ ẹ̀tù funfun ló yọ nísàlẹ̀ ògiri, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i. Bó bá yọ́ dànù, iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì ni. Bó bá jẹ́ àbàwọ́n dúdú, ẹ kán bílíìsì tí ẹ ti là lómi sí i, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì. Èéhù sábà máa ń ṣí, ìdọ̀tí lásán kì í ṣí. Ẹ má fi àwọ̀ mọ èyí tó léwu, nítorí àwọ̀ kò lè sọ ọ́. Bí yàrá bá sì ń rùn bí ilẹ̀ tútù tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ wo ẹ̀yìn àpótí àti orí sílíǹgì.

Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, kí ẹ sì lo ìbòmú tí wọ́n kọ N95 sí lára. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yìí rárá. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ojú ibẹ̀, nítorí bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, ẹ ń fọ́n èso rẹ̀ káàkiri ilé ni. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Àmọ́ omi àgbàrá máa ń gbé ìgbẹ́ láti inú sókàwè wá, nítorí náà, lẹ́yìn ọṣẹ, ẹ da ife bílíìsì kan sínú omi lítà mẹ́rin, kí ẹ fi nù ún. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá tàbí ohunkóhun mìíràn: èéfín tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Fóòmù, kápẹ́ẹ̀tì àti sílíǹgì tó ti mu omi àgbàrá kì í ṣeé fọ̀, ẹ kó wọn dà nù. Bí èéhù bá sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní ìbú àti òró lọ, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Gbígbẹ ògiri ló máa ń sú èèyàn. Ìyá aránṣọ ní kí wọ́n ha ọ̀dà náà kúrò, kí wọ́n sì gé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri títí dé ìbàdí, kí búlọ́ọ̀kù lè mí. Wọ́n tan fáànù sí i, wọ́n sì ń ṣí fèrèsé lọ́sàn-án tí oòrùn bá mú, nítorí afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ ìgbà òjò fúnra rẹ̀ kún fún omi. Ọyẹ́ ló wá parí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, wọ́n gé náílọ́ọ̀nù funfun tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí ojú tó kọ sí ògiri, inú ògiri ò tíì gbẹ. Bó bá sẹ̀ sí ojú tó kọ sí yàrá, afẹ́fẹ́ yàrá ló tutù jù. Lẹ́ẹ̀kíní, omi wà lójú tó kọ sí ògiri. Nígbà tí wọ́n tún un dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú méjèèjì gbẹ, ìgbà náà ni wọ́n tó tún ògiri rẹ́, tí wọ́n sì jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tuntun náà gbẹ kí akunlé tó padà wá.

Wọ́dúróòbù kò lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́, àlàfo tó gba àtẹ́lẹwọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀. Aṣọ àwọn oníbàárà sì ti kúrò nílẹ̀, orí pẹpẹ pákó tó ga ju orúnkún lọ ni wọ́n ń kó o sí.