Ta Ló Jẹ Owó Ìfẹ̀yìntì Wa?

Gbólóhùn tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn káàkiri Ìbàdàn yẹ fóònù rẹ̀ wò níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, ó ní, "Owó ìfẹ̀yìntì tèmi ti oṣù tó kọjá ò tíì wọlé o." Awakọ̀ tó jókòó tì í gbọ́. Awakọ̀ sọ fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn ò wọlé. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn relé ni pé owó ò wọlé láti ọdún tó kọjá, pé kò sì yà wọ́n lẹ́nu, ṣebí Àǹtí Akáńtì ṣẹ̀ṣẹ̀ kan òrùlé ilé rẹ̀ ní Mọ́níyà ni.

Kò sí ẹni tó jókòó láti pa irọ́ nínú wọn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn. Ní ọdún 1947, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Gordon Allport àti Leo Postman, gbé ìwé jáde lórí àhesọ. Wọ́n á fi àwòrán han ènìyàn kan, onítọ̀hún á ròyìn rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i, ẹni yẹn náà á ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, títí yóò fi kan ẹni kẹfà tàbí ìkeje. Nínú ọ̀kan lára àwọn àwòrán náà, òyìnbó kan mú abẹ ìfárí lọ́wọ́, ó dojú kọ adúláwọ̀ kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ìròyìn náà tó dé òpin, abẹ yẹn á ti kúrò lọ́wọ́ òyìnbó, á ti bọ́ sọ́wọ́ adúláwọ̀. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ló ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, díẹ̀ tó kù á wá máa mú sí i, àwọn tó ń sọ ọ́ á sì tẹ̀ ẹ́ síbi tí ọkàn wọn ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ olóògùn yìí, oṣù kan ṣoṣo àti ẹnì kan ṣoṣo ló já sílẹ̀. Òrùlé Mọ́níyà ló wọlé rọ́pò wọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjèèjì sọ ohun kan tó tún wúlò jùyẹn lọ. Wọ́n ní ohun méjì ló ń bí àhesọ: kí ọ̀rọ̀ kan àwọn ènìyàn gbọ̀ngbọ̀n, kó sì ṣókùnkùn sí wọn. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì ò bá sí, àhesọ ò ní gbilẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì kan gbogbo òṣìṣẹ́. Kò sì sí ẹni tó ti la bó ṣe ń rìn yé wọn rí. Ẹ jẹ́ kí n là á díẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yìí ti jáde.

Òfin ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ilé-iṣẹ́ fi ìdá 10 kún un. Bí iye tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ti ẹnì kan bá jẹ́ ₦100,000, wọ́n á yọ ₦8,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ á fi ₦10,000 sí i, ₦18,000 ló yẹ kó bọ́ sínú àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti san owó oṣù, ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje láti fi owó náà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ń lọ. Ìwé kan ń tẹ̀ lé e, orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN àti iye tó jẹ́ ti oníkálukú. Bí nọ́ńbà kan péré bá ṣì kọ, owó ẹni náà á kúrò ní ilé-iṣẹ́, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Á dúró sáàárín, á máa retí ẹni tó ni ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin ilé ìkẹ́rùsí nìyẹn. Ẹni tó da nọ́ńbà rẹ̀ kọ fi 6 sípò 9. Àwọn yòókù, owó tiwọn ti wọlé tipẹ́, wọn ò kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ìwé owó oṣù ń fi ohun tí wọ́n yọ hàn wọ́n, kò fi ohun tó dé hàn.

Kí wọ́n tó mọ èyí, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àǹtí Akáńtì bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé, gbogbo ẹnu á pa dẹ́. Ẹnì kan ní kó fọwọ́ sí ìwé owó oṣù òun lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ò bi wọ́n léèrè ohun tó dé. Ó yí padà. Tẹ́lẹ̀, bí awakọ̀ bá ra epo tí kò gba rìsíìtì, á ní kó kọ ọ́ sórí bébà, á sì fún un lówó rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí rìsíìtì, kò sí owó. Àwọn awakọ̀ wo ara wọn lójú: "Ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ti ń bà á." Bí ìfọkàntán ṣe ń kú ní ibi iṣẹ́ nìyí. Ẹni tí wọ́n fura sí á ká ọwọ́ kò láti dáàbò bo ara rẹ̀, ọwọ́ tó ká kò yẹn á wá di ẹ̀rí lójú àwọn tó fura.

Ohun kan tún wà tí kò mọ̀. Ó rò pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń jẹ òun lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ò ju ènìyàn mẹ́rin lọ. Ní ọdún 1953, Keith Davis tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ ṣe ń rìn nínú ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá kan fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló mọ̀, ìdá 11 péré ló sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn tó kù gbọ́, wọ́n sì gbé e mì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ń sọ ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó dákẹ́ nítorí pé kò gbà á gbọ́ àti ẹni tó dákẹ́ nítorí pé ó ti dá a lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí máníjà gbé ló burú jù. Ó kọ ọ́ sórí Wátsáàpù ilé-iṣẹ́ pé ẹni tí òun bá gbọ́ àhesọ lẹ́nu rẹ̀, kó máa bọ̀ wá gbàwé ìdádúró. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ṣí Wátsáàpù mìíràn tí máníjà ò sí níbẹ̀. Ìbéèrè tí kò dáhùn ti di ohun tí wọ́n gbà pé ó ń bò mọ́lẹ̀.

Akọ̀wé àgbà kan ló bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó gbéra, máníjà pe gbogbo wọn sí iwájú ilé ìkẹ́rùsí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sì mẹ́nu kan òrùlé. Ó ní, "A gbọ́ pé ọkàn àwọn kan ò balẹ̀ lórí owó ìfẹ̀yìntì. Ìbéèrè tó tọ́ ni." Ó tẹ́ rìsíìtì báǹkì oṣù méjìlá sórí tábìlì. Kì í ṣe Àǹtí Akáńtì ló ṣàlàyé. Wọ́n ti bẹ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà pé kó wá. Mo fara mọ́ èyí gan-an. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá dìde ṣàlàyé, bí ẹni ń ṣàwíjàre ló máa ń rí, bó ti wù kó jàre tó. Òṣìṣẹ́ yẹn ní kí oníkálukú ṣí fóònù rẹ̀, kó wo tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìròyìn ò kúkú tó àfojúbà. Owó gbogbo wọn pé, àfi ti ẹnì kan.

Lórí ti ẹnì kan yẹn, máníjà ò puró. Ó ní, "A ò tíì mọ ibi tó há sí. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, níbí yìí, màá sọ ibi tí a bá a dé." Gbólóhùn yẹn ṣiṣẹ́ ju rìsíìtì lọ. Ohun tí a ò mọ̀, tí a fi ọjọ́ sí, ènìyàn lè dúró dè é. Kódà bí ìdáhùn ò bá tíì jáde lọ́jọ́ náà, ó yẹ kéèyàn wá síbẹ̀ wá sọ pé kò tíì jáde.

Ó wá ku awakọ̀. Àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá mú un lọ sí ọ́fíìsì obìnrin náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo gbọ́ ni, mo bá sọ ọ́."

"Kí ló dé tó ò bi mí? Ojoojúmọ́ lo ń wá gbowó epo níbí."

Kò rí èsì fọ̀. Bàbá ní kí ọ̀rọ̀ náà má parí sínú ọ́fíìsì, kí awakọ̀ kọ ọ́ sórí Wátsáàpù kejì yẹn pé òun ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn kan ní ìtìjú yẹn ti pọ̀ jù. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ba orúkọ jẹ́ ló yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe, nítorí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ ò sí nínú ọ́fíìsì láti gbọ́ èyí. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà. Títí di òní, kò sí rìsíìtì, kò sí owó epo.

Òfófó lórí ìgbéyàwó ẹnì kan, àìsàn rẹ̀ tàbí ibi tó sùn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kò sí rìsíìtì tí a lè tẹ́ sórí tábìlì, ìpàdé á kàn jẹ́ kí àwọn tí kò gbọ́ náà gbọ́ ni. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ló lè pa á, bó bá ṣáà ti bi olófòófó pé, "Ṣé ìwọ lo rí i? Ṣé o ti bi í?"

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo àhesọ ni irọ́. Ká ní kò sí rìsíìtì ńkọ́? Máníjà tó bá sáré jáde wá sẹ́ ohun tí kò tíì yẹ̀ wò, bó bá padà jásí òótọ́, kò ní sẹ́ni tó máa gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́, títí kan ìgbà tó bá ń sọ òótọ́. Nítorí náà, kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣìṣẹ́ tó bá sì rí i pé wọ́n ń yọ owó òun lóòótọ́, tí kò sì dé ibi tó ń lọ, kó kó ìwé owó oṣù rẹ̀ jọ, kó gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó fi méjèèjì kọ̀wé sí àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn PenCom. Òfin fún àjọ náà láṣẹ láti bu owó ìtanràn lé ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọn ò san. Inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìtanràn náà ń lọ.